Ọjọ́ Kọkànlá Ni àbí Ọjọ́ Kẹtàdínlógún?

Lẹ́tà ìgbaniwọlé tí yunifásítì kan ní Kútọnù kọ sí ọmọ ìyá aláṣọ kan ní Abẹ́òkúta, fọ́tò rẹ̀ nìkan ni wọ́n rí. Àjàṣẹ́ ni lẹ́tà náà dé sí, lọ́dọ̀ ọ̀rẹ́ ìdílé wọn. Ẹni náà yà á ní fọ́tò, ó fi ránṣẹ́ lórí Wáásáàpù ní ọjọ́ 9 Oṣù Kẹjọ, ó tilẹ̀kùn, ó sì gba Parakú lọ. Nígbà tó jẹ́ èdè Faransé ni, ìyá náà pe tíṣà Faransé kan ní àdúgbò kó wá túmọ̀ rẹ̀. Tíṣà túmọ̀ rẹ̀ tán láìpẹ́, àmọ́ ọjọ́ méjì tó ṣe pàtàkì jù nínú rẹ̀ kò yé ẹnikẹ́ni.

Àkọ́kọ́ ni ọjọ́ tí ọmọ náà gbọ́dọ̀ fèsì pé òun gba àyè náà: "sous quinzaine". Láàárín ọjọ́ mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ni ìtumọ̀ rẹ̀, ṣùgbọ́n ọ̀sẹ̀ méjì ni àwọn elédè Faransé sábà máa ń fi pè. Lẹ́tà náà kò sì sọ ìgbà tí kíkà bẹ̀rẹ̀. Bó bá jẹ́ láti ọjọ́ 2 Oṣù Kẹjọ tí wọ́n kọ ọ́, ọ̀sẹ̀ méjì pé ní ọjọ́ 16. Bó bá jẹ́ láti ọjọ́ tí wọ́n rí i gbà, ó ku ọ̀sẹ̀ kan sí i.

"Ẹ jẹ́ ká mú èyí tó yá jù, mà," ni Tíṣà wí, "títí wọ́n á fi sọ fún wa pé kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Ọjọ́ 15 Oṣù Kẹjọ, ìsinmi ni ní Bẹ̀nẹ̀."

Èkejì ni owó àkọ́kọ́. Wọ́n ti tẹ "avant le" àti "septembre" sínú ìwé, wọ́n wá fi bírò kọ ọjọ́ sáàárín. 1 ló ṣáájú. Nọ́ḿbà kejì ni kò hàn. Àwọn tó kọ́ ìwé kíkọ lọ́nà ti Faransé sábà máa ń fa ìrù gígùn sí orí 1, débi pé ó máa ń jọ 7 lójú wa. Wọ́n sì máa ń fa ìlà kékeré gba àárín 7 tiwọn kọjá. Tíṣà wo nọ́ḿbà ìwé náà lókè, ó rí ìlà náà lára 7 tó wà níbẹ̀. Àmọ́ ibi tí ìlà ìbá wà nínú ọjọ́ yẹn gan-an ni wọ́n ti ká ìwé náà. Ó lè jẹ́ 11, ó lè jẹ́ 17. Ọjọ́ 15 Oṣù Kẹsàn-án sì ni ìyá yóò kó èésú tó fẹ́ fi san owó náà.

Wọ́n pinnu láti kọ ímeèlì sí rẹ́jísírà. Ìyá fẹ́ kí wọ́n kọ́kọ́ béèrè àlàáfíà rẹ̀, kí wọ́n ṣàdúrà fún ilé rẹ̀. Tíṣà ní ọ̀wọ̀ wà nínú ìwé tiwọn náà, ibòmíì ni wọ́n ń fi sí. "Vous" ni wọ́n ń lò, bí àwa ṣe ń lo "ẹ" fún àgbà. "Pourriez-vous" ni wọ́n fi ń béèrè nǹkan, ìyẹn "ǹjẹ́ ẹ lè". Ìkíni gígùn, ìparí ìwé ló ń wà.

Ọmọ náà ló fi ímeèlì tirẹ̀ ránṣẹ́ lọ́jọ́ 10, nítorí orúkọ tirẹ̀ ló wà lọ́wọ́ iléẹ̀kọ́. Ó fi orúkọ náà àti nọ́ḿbà ìwé ṣe àkọlé. Ohun tí wọ́n kọ lédè Faransé nìyí:

"Ìyáàfin tàbí Ọ̀gbẹ́ni, mo dúpẹ́ fún lẹ́tà ìgbaniwọlé tí ẹ kọ sí mi ní ọjọ́ kejì Oṣù Kẹjọ. Mo gba àyè tí ẹ fún mi. Fọ́tò lẹ́tà náà nìkan ló tẹ̀ mí lọ́wọ́, ní ọjọ́ kẹsàn-án, kò sì hàn dáadáa. Ǹjẹ́ ẹ lè bá mi fìdí ohun méjì múlẹ̀? Ṣé láti ọjọ́ tí ẹ kọ lẹ́tà ni a ń ka ọjọ́ mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, àbí láti ọjọ́ tí a rí i gbà? Ṣé kí ọjọ́ kọkànlá Oṣù Kẹsàn-án tó dé ni kí n ti san owó, àbí kí ọjọ́ kẹtàdínlógún tó dé? Mo so fọ́tò náà mọ́ ìwé yìí."

Fọ́tò ni wọ́n dá lẹ́bi, wọn ò dá ẹni tó kọ lẹ́tà lẹ́bi. Ọ̀rọ̀ ni wọ́n fi kọ gbogbo ọjọ́, kí nọ́ḿbà má baà tún da ìkankan rú. Ìyá fẹ́ kí wọ́n fi ẹ̀bẹ̀ kún un pé kí wọ́n sún ọjọ́ owó síwájú. Tíṣà ní, "Mà, ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ mọ ọjọ́ tí gbèsè pé, ká tó bẹ olówó."

Èsì dé ní ọjọ́ 13. Láti ọjọ́ tí a bá rí lẹ́tà gbà ni wọ́n ń ka ọjọ́ mẹ́ẹ̀ẹ́dógún. Wọ́n sì ti kọ ọ́ sílẹ̀ pé ọmọ náà gba àyè. Ti owó, ọjọ́ 11 ni, "avant le" sì túmọ̀ sí pé ọjọ́ náà fúnra rẹ̀ kò sí nínú rẹ̀: ọjọ́ 10 ni òpin. Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ yẹn, ìyá lọ bá olórí èésú, ó bẹ̀ ẹ́ kó bá òun bá ẹni tí yóò kó ti ìparí Oṣù Kẹjọ sọ̀rọ̀, kí àwọn méjèèjì pààrọ̀. Ẹni náà gbà.