Tí Ẹni Tá A Fẹ̀sùn Kàn Ò Bá Tíì Fọhùn

Ẹ̀ẹ̀mẹta ni bàbá tó ń gba owó omi ẹ̀rọ ládùúgbò wa ní Pápá Àjàó ti sọ fún ẹgbẹ́ oníròyìn wa pé, "Ẹ padà wá lọ́la." Ẹ̀rọ ti bà jẹ́ látọjọ́ pípẹ́, owó ò dáwọ́ dúró, a sì fẹ́ mọ ibi tó ń wọlé sí. Àwọn kan nínú wa ní ká kọ ọ́ pé wọ́n kọ̀ láti fèsì. Mi ò gbà. "Ẹ padà wá lọ́la" kì í ṣe kíkọ̀.

Ẹ rántí ọ̀rọ̀ Kẹ́mi Adéọ̀ṣun, mínísítà ètò ìnáwó nígbà yẹn. Lóṣù Keje 2018, Premium Times gbé e jáde pé kò ṣe agùnbánirọ̀, pé ayédèrú sì ni ìwé ìyọ̀ǹda tó ní. Ọdún 1989 ló gboyè ní Lọ́ńdọ̀nù, ó jẹ́ ẹni ọdún 22. Ẹni tó bá ti lé ní ọgbọ̀n ọdún kó tó gboyè ni òfin yọ̀ǹda nítorí ọjọ́ orí, àmọ́ ìwé ìyọ̀ǹda tirẹ̀ wà, ọdún 2009 ló sì wà lára rẹ̀. Ìròyìn yẹn lè dúró láìjẹ́ pé mínísítà lanu, torí orí ìwé ni wọ́n gbé e lé.

Mínísítà dákẹ́ ju oṣù méjì lọ. Àjọ agùnbánirọ̀ ní tiwọn fèsì kíá pé ó kọ̀wé béèrè fún ìyọ̀ǹda lóòótọ́, àwọn á sì wádìí ibi tí ìwé náà ti wá. Àmọ́ ẹnu àjọ kì í ṣe ẹnu rẹ̀. Ní September 14 ló kọ̀wé fipò sílẹ̀, tó ní àwọn tóun fọkàn tán ló bá òun gba ìwé náà, òun ò mọ̀ pé kì í ṣe ojúlówó. Nígbà tó di 2021, ilé ẹjọ́ kan l'Ábújá ní kò tiẹ̀ pọn dandan kó sìn, torí ọmọ Ìlú Ọba ni nígbà tó gboyè. Ṣé ẹ rí i? Ìwé náà ò dáa, ṣùgbọ́n ẹni tó bá ti fi ìdákẹ́ rẹ̀ kọ ọ́ pé ó sá fún ìsìn ti sọ ju ohun tó mọ̀ lọ.

Torí náà a kọ ìbéèrè mẹ́ta sínú ìwé fún bàbá wa, a kọ ẹ̀sùn náà gan-an sí i, kì í ṣe "a fẹ́ bá yín sọ̀rọ̀" lásán. A fún wọn di aago méjì ọjọ́ Ẹtì. Ọmọ ṣọ́ọ̀bù wọn ló gbà á lọ́jọ́ Ajé, a sì kọ aago sílẹ̀. A tún fi ránṣẹ́ lórí Wọ́tsáàpù, àmọ́ àmì kan ṣoṣo ló ṣì wà níbẹ̀, ìyẹn ni pé kò tíì dé orí fóònù wọn, a ò sì lè kà á mọ́ wọn lọ́rùn.

Tí aago méjì bá lù, a ò ní sún un síwájú mọ́. Tá a bá ń sún un, wọ́n á kàn máa sọ "lọ́la" títí a ó fi jáde ìwé mẹ́wàá. Lókè ìròyìn la máa kọ ọ́ sí: "A fún ọmọ ṣọ́ọ̀bù wọn ní ìbéèrè wa lọ́jọ́ Ajé, títí di aago méjì ọjọ́ Ẹtì, a ò tíì gbọ́ èsì." A ti fi àyè sílẹ̀ lábẹ́ rẹ̀ lára ògiri. Ọjọ́ tí èsì bá dé, ibẹ̀ la máa lẹ̀ ẹ́ mọ́, pẹ̀lú déètì.