Orúkọ Tó Wà Nínú Fáìlì

Àwọn tó ń ra ẹ̀wà lọ́wọ́ ìyàwó mi ní Ọjà-Ọba, Ìlọrin, ṣì ń pè mí ní Ọ̀gá Ọlọ́pàá, bẹ́ẹ̀ mo ti bọ́ aṣọ iṣẹ́ sílẹ̀ láti ọdún 2024. Ọdún 1989 ni mo wọṣẹ́. Òfin sọ pé ọlọ́pàá yóò fẹ̀yìntì tó bá lo ọdún 35 lẹ́nu iṣẹ́ tàbí tó bá pé ẹni 60 ọdún, èyí tó bá kọ́kọ́ dé. Ọdún 35 ló kọ́kọ́ bá mi, nígbà tí ara mi ṣì le.

Ṣọ́jà kan tó ti fẹ̀yìntì wà ní ṣọ́ọ̀bù tó tẹ̀ lé tiwa. Ìjọba kan náà la jọ sìn, ṣùgbọ́n ọ̀nà tí owó wa ń gbà wọlé yàtọ̀. Òfin ọdún 2004 kó gbogbo wa sínú ètò àjọdá owó ìfẹ̀yìntì, níbi tí òṣìṣẹ́ àti ìjọba ti jọ ń dá owó sínú àpò kan. Lónìí, náírà 8 nínú 100 owó oṣù wa là ń dá, ìjọba ń fi 10 kún un. Ní 2011, wọ́n yọ àwọn ológun kúrò níbẹ̀. Láti ìgbà náà, ìjọba ló ń san tiwọn tààrà, iye ọdún iṣẹ́ àti owó oṣù ìkẹyìn ni wọ́n fi ń ṣírò rẹ̀. Àwa ọlọ́pàá kù síbẹ̀. Ìdí rèé tí àwọn ẹlẹgbẹ́ mi fi fẹsẹ̀ rìn nínú òjò l'Ábújá ní oṣù Keje ọdún 2025, tí wọ́n ní kí ìjọba yọ àwa náà. Ó dùn mí wọra láti rí àwọn àgbà tó ti sìnlú tán lójú pópó.

Ohun tó kọ́kọ́ fojú mi rí màbo ni ìwé. Ẹni tó wọṣẹ́ kí ètò náà tó bẹ̀rẹ̀ ní owó méjì: èyí tí a dá láti ìgbà náà, àti èyí tí ìjọba jẹ ẹ́ fún ọdún tó ti lò títí di oṣù Kẹfà 2004. Tèmi jẹ́ ọdún 15. Kí wọ́n tó ṣírò rẹ̀, wọ́n ní kí n mú ìwé ìgbàsíṣẹ́ wá, àti ẹ̀rí ipò tí mo wà ní oṣù náà gan-an. Fáìlì mi ti bá mi yí ìpínlẹ̀ ká nígbà tí wọ́n ń gbé mi kiri lẹ́nu iṣẹ́, ìwé ìgbéga kan sì ti já bọ́ lójú ọ̀nà. Mo padà sí ìpínlẹ̀ tí mo wà nígbà náà kí n tó rí ẹ̀dà rẹ̀ gbà.

Orúkọ ló tún kàn. Nínú fáìlì, Abdulkareem tí mo ń jẹ́ wà papọ̀. Ní báńkì, wọ́n pín in sí méjì, Abdul lọ́tọ̀, Kareem lọ́tọ̀. Ní Ìlọrin wa níbí, ta ló ń ka ìyẹn sí? Ẹ̀rọ kà á sí. Ó di ìwé ìbúra ní kóòtù, ìkéde nínú ìwé ìròyìn àti àtúnṣe ní báńkì.

Nígbà tí owó wá pé, wọn kì í kó gbogbo rẹ̀ fúnni. Èyí tó bá ṣẹ́kù gbọ́dọ̀ tó san, ó kéré tán, ìdajì owó oṣù tí ènìyàn fi fẹ̀yìntì. Ká ní ẹnì kan ń gba 100,000 náírà lóṣù, tí 9 mílíọ̀nù wà nínú àpò rẹ̀. Bí ìṣirò bá fi hàn pé 7 mílíọ̀nù ló máa gbé 50,000 lóṣù ró, 2 mílíọ̀nù péré ló lè gbà sọ́wọ́. Ẹni tó ti fi ọkàn kọ́ ilé sórí 9 mílíọ̀nù yóò kó sínú ìdààmú.

Mo fẹ́ fi tèmi ra bọ́ọ̀sì. Ìyàwó mi ní kí n dúró ná, ó ní òun mọ ẹ̀wà, àwa méjèèjì ò sì mọ mọ́tò. A ra ẹ̀wà lásìkò ìkórè, nígbà tí owó rẹ̀ wálẹ̀, a sá a kó gbẹ dáadáa, a dì í sínú àpò tó ní ọ̀rá nínú, a so ẹnu rẹ̀ pinpin kí kòkòrò má baà rí atẹ́gùn mí. Nígbà òjò, tí kóńgò kan ti gbówó lórí, la tú u tà. Èrè rẹ̀ àti owó oṣù ìfẹ̀yìntì ni a fi ń jẹun.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, kọ́ńsítébù kan, ọmọ àdúgbò wa, wá kí mi. "Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, kí ni kí n ti máa ṣe báyìí?" Mo ní kó mú ìwé ìgbàsíṣẹ́ rẹ̀ àti nọ́ńbà ìdánimọ̀ rẹ̀ wá. A tẹ́ wọn sórí àpò ẹ̀wà, a kà wọ́n ní lẹ́tà-lẹ́tà. Ọjọ́ ìbí bára mu, ṣùgbọ́n lẹ́tà kan yàtọ̀ nínú orúkọ bàbá rẹ̀. Mo ní kó tún un ṣe kí ọdún yìí tó parí, kó ṣe ẹ̀dà gbogbo ìwé ìgbéga tó bá ń gbà, kó sì fi ọ̀kan pa mọ́ sílé ìyá rẹ̀, kì í ṣe ní bárékè.