Fáàfù Tí Mo Fojú Di

Táyà tó ṣì ní ẹ̀mí lára ni mo bà jẹ́ nítorí fáàfù rọ́bà kan tí owó rẹ̀ kò tó nǹkan. Táyà ẹ̀yìn ọkọ̀ mi ni afẹ́fẹ́ rẹ̀ máa ń dínkù. Bí a bá fẹ́ ẹ dé 32 lórí gééjì, láàárín ọ̀sẹ̀ kan yóò ti wálẹ̀ sí nǹkan bí 24. Fọkanáísà àdúgbò da omi ọṣẹ sí ẹnu fáàfù, ó ń hó. Ó fi kọ́kọ́rọ́ kékeré yọ píìnì inú rẹ̀, ó fi tuntun sí i, híhó náà sì dáwọ́ dúró. Afẹ́fẹ́ ṣì ń dínkù lẹ́yìn náà, ṣùgbọ́n n kò dá ọkọ̀ padà. Fífẹ́ ni mo ń fẹ́ ẹ lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀.

Nǹkan méjì ló ń jò, ọ̀kan ṣoṣo la tún ṣe. Píìnì ní sípíríǹgì àti rọ́bà tín-ín-rín tó ń dí ẹnu. Bí iyanrìn bá há síbẹ̀ tàbí rọ́bà náà jẹ, ẹnu ni yóò ti máa hó. Ṣùgbọ́n fáàfù fúnra rẹ̀ rọ́bà ni, oòrùn àti ọjọ́ orí sì máa ń mú kó sán nídìí, níbi tó ti wọnú ríìmù. Bí ọkọ̀ bá dúró, ojú sísán náà lè pa dé. Bí táyà bá ń yí kíákíá, ìyípo náà á máa fa fáàfù síta, á tẹ̀ ẹ́, sísán náà á sì là.

Ọ̀nà Ìbàdàn sí Èkó ni ó ti là fún mi. Ìdí ọkọ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í mì, mo rò pé ọ̀nà ni kò dára, mo tún sáré síwájú díẹ̀. Ìgbà tí mo dúró, ẹ̀gbẹ́ táyà gbóná janjan. Fọkanáísà ẹ̀bá ọ̀nà tú u, ó da ẹ̀kúnná rọ́bà dúdú inú rẹ̀ sílẹ̀ fún mi wò. “Ọ̀gá, ẹ wò ó, ó ti lọ ara rẹ̀. Bí mo bá fẹ́ ẹ, ó lè bẹ́ mọ́ wa lójú.” Ó fi àtàǹpàkò tẹ fáàfù: ìdí rẹ̀ là bí ẹnu.

Ohun tí ó yẹ kí n ti ní kí wọ́n ṣe nìyí. Kí táyà kún dáadáa, kí a da omi ọṣẹ sí ẹnu fáàfù, kí a sì mú sùúrù wò ó. Lẹ́yìn náà, kí a dà á sí ìdí, kí a fi ìka tẹ fáàfù sọ́tùn-ún, sósì, sókè, sísàlẹ̀. Bí ẹnu nìkan bá ń hó, píìnì ni kí a pààrọ̀. Kí a dè é kó mú, kí a má fi agbára yí i, nítorí tírẹ́ẹ̀dì rẹ̀ kéré. Bí ìdí bá hó, tàbí rọ́bà bá sán nígbà tí a tẹ̀ ẹ́, odindi fáàfù ni yóò kúrò, gọ́ọ̀mù kò ràn án. A ní láti tú ẹ̀gbẹ́ táyà kan kúrò lára ríìmù kí a tó lè fa tuntun wọlé. Ìdí nìyí tí mo fi ń béèrè fáàfù tuntun báyìí nígbàkígbà tí a bá ń wọ táyà tuntun: ríìmù ti ṣí sílẹ̀ tẹ́lẹ̀.