Ẹ Ka Orúkọ Kí Ẹ Tó Tẹ̀ Ẹ́

Ní oṣù kejì ọdún 2023, owó wà ní báńkì, ṣùgbọ́n kò sí lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Ẹ̀yin náà á rántí. Báńkì àpapọ̀ ti kéde ní 26 oṣù kẹwàá 2022 pé àwọn máa pààrọ̀ owó igba náírà, ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀ta náírà àti ẹgbẹ̀rún náírà. Wọ́n ní 31 oṣù kìíní ni a máa ná ti àtijọ́ mọ, nígbà tó yá wọ́n sún un sí 10 oṣù kejì. Àwọn èèyàn kó ti àtijọ́ lọ sí báńkì bí wọ́n ṣe pàṣẹ, ti tuntun ò sì jáde tó. L'Abẹ́òkúta níbí, kí ilẹ̀ tó mọ́ ni èèyàn ti ń tò níwájú àwọn báńkì Òkè-Ìlẹ̀wọ̀. Àwọn oní-pí-ó-ẹ́ẹ̀sì ẹ̀bá ọ̀nà wá ń fi owó ta owó.

Àsìkò yẹn ni Màmá àgbà wa kọ́ bí wọ́n ṣe ń fi fóònù sanwó. Ọdún márùndínlógójì ni wọ́n fi ṣe tíṣà nílé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ kí wọ́n tó fẹ̀yìn tì. Látìgbà tí wọ́n ti ń gba owó ìfẹ̀yìntì, wọ́n máa ń lọ sí báńkì fúnra wọn ni, wọ́n á kọ ìwé ìgbowó, wọ́n á fọwọ́ sí i, wọ́n á ka owó náà lẹ́ẹ̀mejì kí wọ́n tó kúrò lójú fèrèsé. Ọ̀sẹ̀ kejì oṣù yẹn, wọ́n tò láti aago márùn-ún ìdájí, wọ́n sì padà wálé lọ́wọ́ òfo. Oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru wọn ku ti ọjọ́ mẹ́rin.

Àwa ọmọ-ọmọ pọ̀, ṣùgbọ́n àbúrò wa ọkùnrin, tó ń dúró de ìwé ìgbaniwọlé yunifásítì nígbà yẹn, ló ń gbé lọ́dọ̀ wọn. Òun ló kọ́ wọn. Àwa yòókù kàn ń wò ni, a sì rí ohun kan: kò gba fóònù lọ́wọ́ wọn rí. Ọwọ́ ẹ̀ méjèèjì máa ń wà lẹ́yìn ẹ̀, bí ìgbà tí ọmọ ilé ìwé bá dúró níwájú hẹdimásítà. Màmá bá ń wá ibi tí wọ́n máa tẹ̀, á fi ẹnu júwe ẹ̀: "Ó wà nísàlẹ̀, lọ́wọ́ ọ̀tún yín." Tí wọ́n bá ní kó bá àwọn tẹ̀ ẹ́, á ní, "Màmá, èmi kọ́ ni mo ni owó."

Kóòdù ni wọ́n kọ́kọ́ gbìyànjú, èyí tó máa ń bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú * tó sì máa ń parí sí #. Kò nílò íńtánẹ́ẹ̀tì, fóònù kékeré náà sì lè ṣe é. Ṣùgbọ́n ó níye ìṣẹ́jú àáyá tó máa fi dúró de èèyàn. Màmá máa ń ka gbogbo ohun tó bá jáde lójú fóònù láti òkè dé ìsàlẹ̀, bí ẹni ń máàkì ìwé. Kí wọ́n tó kà á tán, á ti pa ara ẹ̀ dé. Lẹ́ẹ̀kẹta tó ṣẹlẹ̀, wọ́n ní, "Tíṣà burúkú ni nǹkan yìí. Kì í jẹ́ kí ọmọ ronú."

Ni àbúrò wa bá gbé wọn bọ́ sórí áàpù, torí pé ìyẹn máa ń ní sùúrù díẹ̀ sí i. Ó júwe ibi tí wọ́n ti ń sọ lẹ́tà di ńlá nínú fóònù, Màmá sọ tiwọn di ńlá. Ìka wọn tún jẹ́ wàhálà. Awọ ìka àgbàlagbà máa ń gbẹ, fóònù kì í sì í tètè mọ̀ pé nǹkan fọwọ́ kan òun. Tí Màmá bá wá tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ kí ó lè gbọ́, á rò pé nǹkan mìíràn ni wọ́n ń fẹ́. Àbúrò wa ní kí wọ́n fi aṣọ tó tutù díẹ̀ nu ìka, kí wọ́n sì gbá a wẹ́rẹ́, bí ìgbà tí wọ́n bá ń gbọn iyọ̀ sọ́bẹ̀. Ìyẹn yé wọn lójú ẹsẹ̀.

Ọgọ́rùn-ún náírà ni ẹ̀kọ́ àkọ́kọ́. Màmá á fi ránṣẹ́ sí àbúrò wa, òun náà á fi ránṣẹ́ padà. Ó ní kí wọ́n tẹ nọ́mbà àkáǹtì tó jẹ́ mẹ́wàá, kí wọ́n mú orúkọ báńkì, kí wọ́n sì ká ọwọ́ kúrò lára fóònù. Orúkọ ẹni tó ni àkáǹtì máa jáde fúnra ẹ̀. "Ibí yìí gan-an ni ẹ̀kọ́ wà, Màmá. Ẹ ka orúkọ kí ẹ tó tẹ̀ ẹ́. Tí orúkọ ò bá jọ ti ẹni tí ẹ mọ̀, ẹ padà sẹ́yìn."

Màmá béèrè pé ṣebí tí nọ́mbà ò bá pé, áàpù á kọ̀ ọ́ ni. Àbúrò wa ṣàlàyé pé lórí nọ́mbà tí àwọn báńkì ńláńlá ń lò, inú mẹ́sàn-án tó ṣáájú pẹ̀lú nọ́mbà ìdánimọ̀ báńkì náà ni wọ́n ti ń ṣírò èyí tó gbẹ̀yìn. Tí èèyàn bá ṣi ẹyọ kan tẹ̀, ìṣirò ò ní bá ara mu. "Bíi ká ṣe ìṣirò tán, ká tún padà yẹ̀ ẹ́ wò," ni Màmá wí. Bẹ́ẹ̀ ni. Ṣùgbọ́n tí méjì tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn bá ṣe pààrọ̀ ipò, nígbà mìíràn ìṣirò náà á ṣì bá ara mu, owó sì lè lọ sọ́dọ̀ ẹlòmíràn. Orúkọ nìkan ló máa tú àṣírí ẹ̀. Látọjọ́ yẹn, Màmá máa ń ka orúkọ sókè, bí ẹni ń pe rẹ́jísítà.

Ọjọ́ kẹrin, wọ́n gba ilé oògùn kan lọ ní Kútọ̀. Oògùn oṣù méjì jẹ́ 12,000 náírà. Nínú àkáǹtì wọn, 31,400 ló wà. Màmá tẹ nọ́mbà, wọ́n pe orúkọ ilé oògùn náà sókè, wọ́n tẹ píìnì wọn pẹ̀lú ọwọ́ kejì tí wọ́n fi bò ó. Àláàtì dé: ó ku 19,373.12. Wọ́n ṣírò ẹ̀ lójú ẹsẹ̀. 12,000 lọ, 25 náírà ni owó iṣẹ́ báńkì fún owó tó bá ju 5,000 lọ tí kò sì ju 50,000 lọ, 1.88 sì ni owó-orí tó gorí 25 yẹn. Ó pé.

Ṣùgbọ́n ọmọ tó ń ta oògùn ní òun ò tí ì rí nǹkan kan.

Ìṣẹ́jú mẹ́wàá, ogún ìṣẹ́jú, kò sí nǹkan. Oògùn wà lórí káńtà, owó ti kúrò lọ́dọ̀ Màmá, kò sì tí ì dé ibi tó ń lọ. Ọ̀pọ̀ èèyàn ló kan irú ẹ̀ lọ́sẹ̀ yẹn, torí pé gbogbo ìlú ló sáré gba orí fóònù lẹ́ẹ̀kan náà. Ẹnìkan tó wà lẹ́yìn wọn ní, "Màmá, ẹ tún un fi ránṣẹ́ jàre." Àbúrò wa ní rárá. Tí wọ́n bá tún un fi ránṣẹ́, méjèèjì lè wọlé, Màmá á wá máa bẹ̀bẹ̀ kí wọ́n tó rí ọ̀kan gbà padà.

Ó ṣàlàyé ẹ̀ fún wọn lórí ìdúró. Ìgbésẹ̀ mẹ́ta ni owó ń gbé: báńkì yín á yọ ọ́, ilé iṣẹ́ tó so gbogbo báńkì pọ̀ á gbé ìròyìn ẹ̀ lọ, báńkì ẹni tó ń gbà á yóò sì fi kún tiẹ̀. Ìgbésẹ̀ kìíní ni àláàtì yín ń sọ, kì í ṣe ìkẹta. Ó ní kí Màmá ṣí rìsíìtì nínú áàpù. Wọ́n rí `Pending` níbẹ̀, ìyẹn ni pé ó ṣì wà lọ́nà. Ká ní `Failed` ni, owó á padà sílé. Nísàlẹ̀ ẹ̀ ni `Session ID` wà, ọgbọ̀n nọ́mbà gbọọrọ. "Èyí ni nọ́mbà lẹ́tà yín ní pósọ́fíìsì. Ẹ bá mú un lọ sí báńkì, wọ́n á rí ibi tó há sí. Tẹ́ ẹ bá kàn sọ pé owó yín sọnù, wọn ò ní rí nǹkan kan."

Màmá mú bírò, wọ́n da ọgbọ̀n nọ́mbà náà kọ sínú ìwé, mẹ́ta-mẹ́ta, wọ́n sì ya ẹ̀dà kan fún ọmọ tó ń ta oògùn. Ọ̀gá ilé oògùn náà wo ìwé yẹn, ó wo bí wọ́n ṣe kọ ọ́, ó béèrè bóyá tíṣà ni wọ́n. Ó fún wọn ní oògùn ọ̀sẹ̀ kan, ó ní kí wọ́n wá gba ìyókù tí owó bá wọlé. Ó wọlé láago méje àárọ̀ ọjọ́ kejì.

Nígbà tí ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ ní 3 oṣù kẹta pé kí á ṣì máa ná owó àtijọ́ títí di 31 oṣù kejìlá, owó bẹ̀rẹ̀ sí í padà sígboro. Màmá ò padà sídìí ìwé ìgbowó. Ṣùgbọ́n wọ́n fi ààlà sí i. Àkáǹtì tí owó ìfẹ̀yìntì ń wọ̀ ò sí lórí fóònù kankan. Wọ́n ṣí kékeré kan lọ́tọ̀, ibẹ̀ ni owó oúnjẹ àti oògùn oṣù máa ń wà. Tí olè bá jí fóònù, ìwọ̀nba ni wọ́n máa rí.

Ìdí wà fún un. Oṣù kẹrin, ọkùnrin kan pè wọ́n, ohùn ẹ̀ tutù, ó ní báńkì ni òun ti ń pè, pé BVN wọn máa tó dí, kí wọ́n ka nọ́mbà mẹ́fà tó ṣẹ̀ṣẹ̀ wọ fóònù wọn fún òun kíákíá. Màmá ka iṣẹ́ náà láti òkè dé ìsàlẹ̀ bí ìṣe wọn. Ó kọ ọ́ síbẹ̀ pé kí wọ́n má fún ẹnikẹ́ni ní nọ́mbà yìí. Ọkùnrin náà ń kán wọn lójú. Wọ́n ní, "Bó o bá jẹ́ ọmọ báńkì lóòótọ́, ìwọ lo kọ ọ́ pé kí n má sọ ọ́. Ṣé kí n wá ṣàìgbọràn sí ẹ ni?" Wọ́n gé e.

Ẹ̀kọ́ kan ṣì kù tí wọn ò tíì gbà. Wọn ò jẹ́ fi owó ránṣẹ́ lálẹ́. Wọ́n ní tó bá há, ta ni wọ́n máa rí bá sọ̀rọ̀ láago mẹ́wàá alẹ́? Àbúrò wa, tó ti wọ yunifásítì báyìí, ò bá wọn jiyàn.

Lóṣù tó kọjá, ọ̀rẹ́ wọn kan tí àwọn jọ fẹ̀yìn tì wá sílé pẹ̀lú fóònù tuntun tí ọmọ ẹ̀ rà fún un. Ó nà án sí Màmá pé kí wọ́n bá òun fi owó ẹgbẹ́ ránṣẹ́. Màmá ò gbà á. Wọ́n dìde dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀, wọ́n kó ọwọ́ méjèèjì sẹ́yìn, wọ́n ní, "Ó wà nísàlẹ̀, lọ́wọ́ ọ̀tún ẹ."