Ọ̀nà tí Omi Onírin Ń Gbà Mọ́: Láti Kànga Dẹ̀rọ dé Ẹnu Ẹ̀rọ

Irin tó yọ́ sínú omi kò ṣeé fojú rí. Omi tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde nínú kànga dẹ̀rọ lè mọ́ gaara, kí ó tutù, kí ó má sì ní àwọ̀ kankan, ṣùgbọ́n tí wọ́n bá gbé e kalẹ̀ nínú bokẹ́ẹ̀tì funfun di ọjọ́ kejì, yóò ti pọ́n, ìsàlẹ̀ bokẹ́ẹ̀tì yóò sì ti ní gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ tó rí bí ìpẹtà. Ìpẹtà gan-an ni. Ní abẹ́ ilẹ̀ tí afẹ́fẹ́ kò dé, irin ara yanrìn máa ń yọ́ díẹ̀díẹ̀ sínú omi, pàápàá níbi tí omi bá kan. Gbàrà tí omi náà bá pàdé afẹ́fẹ́, ọ́síjìn inú afẹ́fẹ́ á so mọ́ irin yẹn, irin á kúrò ní ohun tó yọ́, á di ẹ̀rún pupa tí asẹ́ lè gbà dúró. Gbogbo iṣẹ́ yíyọ irin kúrò nínú omi kò ju kí èèyàn mú kí èyí ṣẹlẹ̀ níbi tí ó fẹ́, ṣáájú kí omi tó dé inú ilé.

Ẹni tó bá gba ọ̀nà Ìkòròdú lọ sí Ẹ̀pẹ́ yóò rí ohun tí irin yìí ń ṣe láìbi ẹnikẹ́ni. Lára ògiri ilé tí táǹkì wà lókè rẹ̀, ìlà pupa máa ń ṣàn wálẹ̀ láti ibi tí omi ti ń kún dà sílẹ̀. Yanrìn etíkun tí wọ́n ń gbẹ́ kànga sí ní agbègbè yìí kò ní òkúta ẹfun tó lè pa kíkan omi, ìdí nìyẹn tí omi ibẹ̀ fi sábà máa ń kan, tí irin sì ń pọ̀ nínú rẹ̀. Ìlànà omi mímu ti Nàìjíríà fi òpin irin sí 0.3 mílígíráàmù nínú lítà kan. Kì í ṣe pé ohun tó ju ìyẹn lọ díẹ̀ jẹ́ májèlé. Ìtọ́wò irin, aṣọ funfun tó ń pọ́n àti páìpù tó ń dí ni wọ́n ń sá fún.

Ilé tí mo lọ wò wà ní ẹ̀yìn ìlú Ẹ̀pẹ́, àgbàlá ẹlẹ́bí púpọ̀ tó ń lo bíi 2,000 lítà omi lójúmọ́. Àyẹ̀wò omi wọn fi 5 mílígíráàmù irin hàn nínú lítà kan, ìwọ̀n kíkan rẹ̀, èyí tí wọ́n ń kọ ní pH, sì jẹ́ 5.8. Omi tí kò kan tí kò sì korò wà ní 7. Bí nọ́ńbà náà bá ṣe ń lọ sílẹ̀ ni omi ń kan sí i. Wọ́n ti ní asẹ́ tẹ́lẹ̀. Omi inú asẹ́ náà ń jáde ní mímọ́, ó sì ń pọ́n lẹ́yìn wákàtí díẹ̀ bíi ti tẹ́lẹ̀. Púlọ́ńbà tó ń tọ́jú rẹ̀ ní afẹ́fẹ́ ni kò tó, ó sì fẹ́ ra ẹ̀rọ tí yóò máa fẹ́ afẹ́fẹ́ sínú omi.

Ìṣirò kékeré kan fi hàn pé ibẹ̀ kọ́ ni ìṣòro wà. Mílígíráàmù irin kan kò gbà ju 0.14 mílígíráàmù ọ́síjìn lọ. Irin 5 yóò gba 0.7 péré, bẹ́ẹ̀ omi tó ti bá afẹ́fẹ́ pàdé dáadáa ní ooru ilẹ̀ wa lè gbé tó 7 mílígíráàmù ọ́síjìn nínú lítà kan, ìyẹn ìlọ́po mẹ́wàá ohun tí iṣẹ́ náà ń béèrè. Ohun tó ń dá a dúró ni kíkan omi. Bí pH bá lọ sókè ní ẹyọ kan, irin á máa yára yípadà ní ìlọ́po ọgọ́rùn-ún. Omi tó wà ní 7 lè parí ọ̀pọ̀ iṣẹ́ náà láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀. Èyí tó wà ní 6 lè gba ọ̀pọ̀ wákàtí kí ìdajì irin rẹ̀ tó yípadà. Omi àgbàlá yìí ń gba inú asẹ́ kọjá nígbà tí irin ṣì yọ́ sínú rẹ̀, irú asẹ́ bẹ́ẹ̀ kò sì lè mú ohun tó yọ́ bí iyọ̀.

Síbẹ̀, afẹ́fẹ́ ní iṣẹ́ méjì, èkejì ló sì ṣe pàtàkì jù níbí. Púpọ̀ nínú kíkan omi abẹ́ ilẹ̀ wá láti inú gáàsì kábọ́ọ̀nù dáyọ́ksáídì, èyí tí gbòǹgbò igi àti ewé tó ń jẹrà ń tú sínú ilẹ̀. Bí omi bá fọ́n ká nínú afẹ́fẹ́, gáàsì yìí á sá jáde bó ṣe ń jáde nínú ìgò mínírà tí wọ́n ṣí, kíkan omi á sì dín kù. Ìdí nìyẹn tí àwọn pẹpẹ tí omi ń já lé fi dára ju ẹ̀rọ afẹ́fẹ́ kékeré lọ. Ní àgbàlá náà wọ́n to pẹpẹ mẹ́rin lé ara wọn lábẹ́ òrùlé páànù, ẹsẹ̀ bàtà kan láàárín ọ̀kan sí èkejì, wọ́n lu ihò wẹ́wẹ́ sí ìsàlẹ̀ wọn, wọ́n sì da òkúta gíránáítì sínú wọn. Ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ṣí sílẹ̀ kí atẹ́gùn lè gbá gáàsì lọ, wọ́n sì fi nẹ́ẹ̀tì ẹ̀fọn bò ó. Wọ́n dín fáàfù pọ́ńpù kù kí omi má ju 1,000 lítà lọ ní wákàtí kan. Nígbà tí mo ti bébà ìdánwò bọ omi tó kán sílẹ̀ lábẹ́ pẹpẹ ìkẹyìn, pH ti di 6.5.

6.5 dára ju 5.8 lọ, ṣùgbọ́n kò tíì tó. Bí irin ṣe ń yípadà ló ń dá kíkan tuntun sílẹ̀, nọ́ńbà náà á sì tún fà sẹ́yìn. Ohun tó kù ni òkúta ẹfun. Ewékorò, ní ìpínlẹ̀ Ògùn, ni mo lọ wò ó, níbi tí wọ́n ti ń gbẹ́ irú òkúta yìí fún sìmẹ́ǹtì. Èyí tó wúlò fún omi kò gbọdọ̀ jẹ́ lẹ́búlẹ́bú, nítorí ó máa ń dì. Kò sì gbọdọ̀ tóbi jù, nítorí omi kò ní ráyè jẹ ẹ́. Àwọn tó tó èékánná àtàǹpàkò ló dára. Ẹni tó bá fẹ́ mọ̀ bóyá òkúta ẹfun lóòótọ́ ni yóò kán omi ọsàn wẹ́wẹ́ sí ojú ibi tó ṣẹ̀ṣẹ̀ fọ́; bó bá hó, òun ni.

Inú táǹkì 1,000 lítà tó wà lábẹ́ pẹpẹ ni wọ́n da òkúta náà sí. Omi ń lo bíi wákàtí kan níbẹ̀, ó ń kúrò ní kíkan, irin rẹ̀ sì ń yípadà. Ẹ̀rún tó bá wúwo á rọ̀ sí ìsàlẹ̀, ibẹ̀ ni wọ́n fi fáàfù ìdàsílẹ̀ sí. Àléébù kan wà: ìpẹtà máa ń bo òkúta lójú, bó bá sì ti bò ó, omi kò lè jẹ ẹ́ mọ́. Wọ́n gbọ́dọ̀ máa rò ó pọ̀ kí wọ́n sì máa ṣàn án, kí wọ́n tún fi òmíràn kún un bó ṣe ń yọ́ lọ. Omi náà á le díẹ̀, ọṣẹ kò ní tètè hó bíi ti tẹ́lẹ̀, mo sì rò pé ìyẹn sàn ju aṣọ pupa lọ.

Asẹ́ ló kàn. Táǹkì gígùn kan ni, fífẹ̀ rẹ̀ jẹ́ ẹsẹ̀ bàtà 2, gíga rẹ̀ jẹ́ 5. Òkúta wẹ́wẹ́ wà nísàlẹ̀ tó ínǹṣì 6, lórí páìpù tí wọ́n lu ihò sí. Yanrìn wà lórí rẹ̀ tó ẹsẹ̀ bàtà 2. Òkè rẹ̀ ṣófo. Yanrìn odò ni wọ́n ń lò, èyí tí wọ́n fọ̀ títí omi rẹ̀ fi mọ́, tí wọ́n sì jọ̀ kí hóró rẹ̀ lè wà láàárín ìdajì mìlímítà sí mìlímítà kan. Tí ó bá kúnná ju bẹ́ẹ̀ lọ, yóò dí kíákíá. Tí hóró rẹ̀ bá tóbi jù, ẹ̀rún á yọ̀ kọjá. Yanrìn tuntun kì í ṣiṣẹ́ dáadáa lọ́sẹ̀ mélòó kan àkọ́kọ́. Bí ìpẹtà bá ti bo hóró rẹ̀ díẹ̀, ìbòrí yẹn fúnra rẹ̀ á máa fa irin tó kù mọ́ra, á sì mú kí ó yára yípadà. Nítorí náà, ẹni tó bá kó yanrìn pupa jùnù láti fi funfun rọ́pò rẹ̀ ti kó ohun tó ń ṣiṣẹ́ fún un dànù.

Lójúmọ́, asẹ́ yìí àti táǹkì òkúta ẹfun jọ ń gba gíráàmù 10 irin dúró, èyí tó ń di bíi gíráàmù 19 ìpẹtà tó bá gbẹ. Nínú omi, ó máa ń wú ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ó di dandan kí wọ́n máa da omi padà gba ìsàlẹ̀ asẹ́ wọlé, kí yanrìn lè gbé sókè, kí hóró rẹ̀ máa ha ara wọn, kí ìdọ̀tí sì bá omi jáde lókè. Ibí ni ọ̀pọ̀ asẹ́ ilé ti ń kú. Omi tó ń yọ́ wálẹ̀ kò lè gbé yanrìn. Asẹ́ tó fẹ̀ tó eléyìí ń fẹ́ nǹkan bí 10,000 lítà ní wákàtí kan, èyí tí pọ́ńpù kékeré kò lè fún un. Páìpù ínǹṣì 2 tó ti orí táǹkì òkè ilé wá ni wọ́n lò: ìṣẹ́jú márùn-ún, bíi 800 lítà, lẹ́ẹ̀kan lọ́sẹ̀. Mo dúró tì í nígbà tí wọ́n ṣí i. Omi àkọ́kọ́ dúdú pọ́n bí epo pupa tó jóná. Nígbà tó yá, ó di aláwọ̀ ọsàn. Wọn kò sì ti fáàfù títí ó fi mọ́ nínú ife.

Omi fúnra rẹ̀ ló ń sọ ibi tí ìṣòro wà. Tí ó bá pọ́n bó ṣe ń jáde lẹ́nu ẹ̀rọ, ẹ̀rún ń gba inú asẹ́ kọjá: yanrìn ti kún tàbí omi ń sáré jù. Tí ó bá mọ́ lẹ́nu ẹ̀rọ tó wá pọ́n lẹ́yìn náà, irin kò tíì yípadà kó tó dé asẹ́; òkúta ẹfun ni kí wọ́n lọ wò. Tí ohun tó ń yọ̀ bí ilá bá ń bo pẹpẹ àti páìpù, kòkòrò àìfojúrí tó ń jẹ irin ló wà níbẹ̀. Fífọ̀ pẹ̀lú kilorínì ló ń kápá rẹ̀, kì í ṣe yanrìn.

Ọ̀nà yìí ní ibi tí agbára rẹ̀ mọ. Kànga tó wà lẹ́bàá àbàtà lè mú omi aláwọ̀ tíì jáde. Oje ewé tó jẹrà ti di irin inú rẹ̀ mú, afẹ́fẹ́ kì í sì í lè já a gbà. Maganíìsì, tó máa ń fi àbàwọ́n dúdú sílẹ̀, ń fẹ́ pH tó ga ju èyí tí òkúta ẹfun lè fún un lọ. Asẹ́ yìí kì í sì í pa kòkòrò àìsàn. Bí wọ́n bá fẹ́ mu omi náà, ẹ̀yìn asẹ́ ni kí wọ́n fi kilorínì sí i, nítorí irin tó ṣì yọ́ sínú omi á jẹ ẹ́ tán bí ó bá ṣáájú. Omi pupa tó ti inú asẹ́ jáde kò gbọdọ̀ ṣàn lọ sí kànga ẹlòmíràn tàbí gọ́tà: kòtò tí wọ́n da yanrìn sí nísàlẹ̀ ló yẹ ẹ́, níbi tí omi á ti fà sínú ilẹ̀, tí wọ́n á sì máa wa ìpẹtà gbígbẹ kúrò lójú rẹ̀.