Èjí Ìyá Àgbà

Iyán kì í béèrè eyín. Ìdí nìyẹn tí Ìyá Àgbà fi pẹ́ ní Ìgbẹ́mọ láìní eyín òkè kan ṣoṣo, tí ẹnikẹ́ni nínú ilé ò sì kà á sí ọ̀rọ̀. Ìrẹsì ló tú àṣírí. Ìrẹsì ìlú wa kì í ṣe ohun téèyàn kàn ń gbé mì, ẹran orí rẹ̀ sì tún burú jù ú lọ.

Nígbà tí a mú wọn lọ sọ́dọ̀ dókítà eyín l'Ádó, ohun tí wọ́n ń tẹnu mọ́ lójú ọ̀nà ni pé, "Ṣé ọkọ tuntun ni mò ń wá ni?" Wọ́n fi ohun rírọ̀ kan tẹ̀ wọ́n lẹ́nu, wọ́n mú àwòrán èrìgì wọn. Nígbà tí a padà lọ, wọ́n ti to eyín sínú ìda, kí Ìyá lè wò ó nínú dígí kó tó di líle. Ìgbà yẹn gan-an ló yẹ kí èèyàn sọ ohun tí kò tẹ́ ẹ lọ́rùn. Ìyá Àgbà ní, "Ó dáa."

Kò dáa. Bí a ṣe délé ni eyín wọ inú agolo. Bí àlejò bá ti wọlé, Ìyá á fi etí ìborùn bo ẹnu. Mo rò pé ìrora ni, àfi ìgbà tí wọ́n bínú dá mi lóhùn: "Èjí mi dà? Ẹnu ta ni ẹ gbé kọ́ mi lẹ́nu yìí?"

A tún padà lọ l'Ádó. Àwọn tó ń ṣe eyín yọ méjì iwájú, wọ́n fi èyí tó tín-ín-rín rọ́pò wọn, àyè sì wà láàárín. Dókítà rí egbò kan létí èrìgì, ó rẹ́ ibi tó ń gún wọn lára eyín náà. Ó ní bí ibòmíràn bá tún dùn wọ́n, kí wọ́n fi eyín náà sẹ́nu lọ́jọ́ tó ṣáájú kí wọ́n tó wá, kí ojú ibẹ̀ lè pọ́n kó sì hàn; kí ẹnikẹ́ni má fi fáìlì ilé rẹ́ ẹ.

Síbẹ̀, inú yàrá ni wọ́n ti kọ́kọ́ ń lò ó. Itọ́ ń ya wọn lẹ́nu, "f" àti "s" sì ń yọ̀ bọ́, nítorí náà wọ́n ń ka Sáàmù sókè pẹ̀lú ilẹ̀kùn títì. Wọ́n kọ́ pé téèyàn bá fi iwájú gé ẹran, ẹ̀yìn á gbéra. Ẹ̀gbẹ́ méjèèjì ni kí wọ́n máa fi jẹun. Ohun tó bí wọn nínú jù ni pé eyín náà bo àjà ẹnu: wọn kì í tètè mọ̀ bí ọbẹ̀ bá gbóná, òkúta inú ìrẹsì sì ń ṣì wọ́n lọ́nà. Àwọn tó ń ṣa ìrẹsì nílé gbọ́ èébú lọ́tun lósì.

Lọ́jọ́ ìsìnkú kan, mo rí wọn láàárín àwọn ẹgbẹ́ wọn, ìborùn wà léjìká, wọ́n ń bú ọ̀rẹ́ wọn kan tí kò léyín: "Lọ ṣe tìẹ. Ṣùgbọ́n sọ èjí ẹ fún wọn kó tó le o!"