Gílóòbù kan kú, ogún ṣókùnkùn: bátìrì ọ̀kadà ló ń tú àṣírí ẹ̀

Àwọn tó ń háyà kánópì ní Lálúpọn, Mọ́níyà, Ẹgbẹ́dá àti Akánrán mọ ìyà yìí dáadáa. Wọ́n á ta iná Kérésì yí kánópì ká, àlejò á ti máa dé, lójijì ni gbogbo ẹ̀ á ṣókùnkùn lẹ́ẹ̀kan náà. Àwọn kan á ní ayé ló ṣe é. Kì í ṣe ayé o, ó lè jẹ́ gílóòbù kan péré ló kú.

Nínú irú iná bẹ́ẹ̀, ojú wáyà kan ṣoṣo ni gbogbo gílóòbù wà. Ó dà bí ìgbà táwọn èèyàn tò sórí ìlà, tí wọ́n ń gba korobá omi lọ́wọ́ ara wọn. Tẹ́nì kan bá jókòó láàárín, omi ò ní í dé ọ̀dọ̀ ẹnikẹ́ni mọ́. Bí páálí bá ní fólítì 240 ni iná náà ń lò, tí gílóòbù sì jẹ́ 20, fólítì 12 ló kan ọ̀kọ̀ọ̀kan.

Ẹ wo ohun tójú ìyá oníkánópì kan rí lápá Lágelú. Bí gílóòbù kan bá ti kú, ọmọ tó ń bá a ta iná á gé e kúrò, á so wáyà méjèèjì pọ̀, iná á sì tàn padà. Ìyá ń yìn ín pé ọwọ́ ẹ̀ mọ́ṣẹ́. Ṣùgbọ́n nígbà tó fi gé ẹ̀ẹ̀kẹrin, gílóòbù ti ku 16. Fólítì 240 ò dín kù o, àwọn tó ń pín in ló dín kù: 15 ló ń kan ọ̀kọ̀ọ̀kan dípò 12. Iná wá ń mọ́lẹ̀ ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, inú oníṣòwò ń dùn, kò mọ̀ pé ikú gílóòbù ló ń dán yanran yẹn. Gílóòbù tó bá ń gba 15 dípò 12 kì í sábà lo tó ìdá kan nínú mẹ́wàá ọjọ́ tó yẹ kó lò. Ó tún ń gbóná sí i, èyí ò sì dáa nítòsí imọ̀ ọ̀pẹ gbígbẹ tí wọ́n fi ń ṣe àtíbàbà.

Lálẹ́ ọjọ́ ìgbéyàwó kan, iná náà kú pátápátá. Ọmọ yìí ò yọ pọ́lọ́ọ̀gì, ó fa gílóòbù kan yọ, ó ki ìka bọ ojú ihò ẹ̀. Iná gbé e, ó sì ré bọ́ látorí tábìlì, ọwọ́ ẹ̀ yẹ̀. Ó rò pé fólítì 12 kékeré ló wà níbẹ̀. Bẹ́ẹ̀, bí ojú kan bá ti já, pípín ti tán nìyẹn: gbogbo 240 á lọ dúró síbi tó já.

Nígbà tílẹ̀ mọ́, àgbà oníṣẹ́ iná kan dé. Ó kọ́kọ́ yọ pọ́lọ́ọ̀gì, torí pé pípa súìṣì nìkan ò tó. Ó yẹ fíúsì inú pọ́lọ́ọ̀gì wò, ó tẹ gílóòbù kọ̀ọ̀kan wọlé dáadáa, torí èyí tó bá kàn dẹ̀ náà lè pa gbogbo ẹ̀. Lẹ́yìn náà ló wá bátìrì ọ̀kadà, tóun náà jẹ́ fólítì 12. Ó ń yọ gílóòbù níkọ̀ọ̀kan, ó ń fi ẹsẹ̀ ẹ̀ méjèèjì kan bátìrì. Èyí tó bá tàn, ó yè. Èyí tí ò tàn, ó ti kú. Mẹ́ta ló kú nínú 16. Ká ní gílóòbù tuntun kan ló ń fi dán ojú kọ̀ọ̀kan wò ni, iná náà ì bá má tàn láéláé, torí bó bá wo ọ̀kan sàn, méjì ṣì já. Ó dá ojú mẹ́rin tí wọ́n gé padà, ó ra gílóòbù méje tó jẹ́ fólítì 12, ó pé 20.

Ẹ má fi bátìrì ọ̀kadà dán gbogbo gílóòbù wò o. Bí 100 bá wà lójú wáyà kan, fólítì 2.4 péré ló kan ọ̀kọ̀ọ̀kan. Bátìrì tọ́ọ̀ṣì méjì ti tó o, kó kàn fara kàn án lásán. Bí apá kan bá kú tápá kejì ń tàn, ojú wáyà méjì ni, apá tó kú nìkan ni kẹ́ ẹ yẹ̀ wò. Ní ti àwọn tuntun tí wọ́n ti lẹ gílóòbù wọn pa, ọgbọ́n yìí ò ràn wọ́n. Gílóòbù àfikún tó máa ń wà nínú páálí, ẹ má sọ ọ́ nù. Ohun tó yẹ kí ọmọ yẹn fi rọ́pò lọ́jọ́ àkọ́kọ́ nìyẹn.